Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ NOT GIVEN inú IELTS yìí o

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, mò ń múra IELTS Akadẹ́míìkì, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, torí NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Bírítéènì. 7 ni wọ́n ń bèèrè fún ìwé kíkà, ẹ sì mọ̀ pé kéèyàn tó rí 7 yẹn, ó máa gba nǹkan bíi 30 nínú 40. Àwọn ìbéèrè tó kù mò ń rí wọn ṣe, kí n mú àkọlé fún ìpínrọ̀, kí n fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo, gbogbo ìyẹn ò ní mí lára. TRUE, FALSE, NOT GIVEN yìí ni mi ò mọ ibi tó kọjú sí. TRUE ò le, FALSE náà mo máa ń rí i, àmọ́ kò sígbà tí mo máa kọ NOT GIVEN tí ọkàn mi máa balẹ̀.

Ẹ wo èyí tó ń bí mi nínú látàná. Àyọkà kan sọ̀rọ̀ nípa Ronald Ross, dókítà tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà lọ́dún 1897, tí wọ́n wá fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1902. Àyọkà yẹn sọ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà látara ẹnì kan lọ sára ẹlòmíì. Gbólóhùn ìbéèrè wá sọ pé: "Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń kó ibà ran èèyàn." Mo mú TRUE. Ìwé ìdáhùn ní NOT GIVEN. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí gbogbo wa kọ́ ní súkúù nọ́ọ̀sì ni pé abo Anọ́fẹ́lẹ́ẹ̀sì ló ń mu ẹ̀jẹ̀, akọ ò mu ẹ̀jẹ̀ rárá, omi òdòdó ló ń mu. Báwo ni òótọ́ tó hàn kedere tó báyìí ṣe máa wá di NOT GIVEN? Mo ṣì gbà pé TRUE ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Akin_Manchester

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ẹ má da ara yín láàmú, nǹkan yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbólóhùn, kí ẹ lọ wá a nínú àyọkà. Tí ẹ ò bá rí i, NOT GIVEN ni. Tí ẹ bá rí gbogbo ẹ̀ pé, ìyẹn ti kúrò ní NOT GIVEN nìyẹn, ó ku kí ẹ mú TRUE àbí FALSE. Nínú tiyín yẹn, "abo" ò sí nínú àyọkà, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn tí mo fi rí 7.5 tí mo sì wà níbí lónìí. Nǹkan kejì, NOT GIVEN kì í ju 2 tàbí 3 lọ nínú ìpín kan, torí náà tí ẹ bá ti mú 3, ẹ má mú un mọ́.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Bọ̀dá Akin, ẹ kú ìsapá o. Ìdáhùn yín lórí ti ẹ̀fọn bọ́ sí i, ọ̀nà tí ẹ gbà débẹ̀ ni mi ò fara mọ́, torí ẹlòmíì máa gba ọ̀nà yẹn, á sì ṣìnà. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí kì í sábà fi ọ̀rọ̀ kan náà sínú gbólóhùn tí ìdáhùn ẹ̀ jẹ́ TRUE, ńṣe ni wọ́n máa ń yí i padà. Àyọkà lè sọ pé ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá ló mọ̀wé kà ní abúlé náà, kí gbólóhùn wá sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni kò mọ̀wé kà. Ẹ wá "ọ̀pọ̀" títí, ẹ ò ní rí i, síbẹ̀ TRUE ni.

Apá kejì òfin yín ló tún wá léwu jù. NOT GIVEN tó le gan-an ni èyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ pé sínú àyọkà. Wọ́n á mú nǹkan méjì tí àyọkà dárúkọ, wọ́n á wá so wọ́n pọ̀ lọ́nà tí àyọkà ò gbà so wọ́n. Ojú yín á rí èkíní, á rí èkejì, ọkàn yín á ní "mo ti rí i", ẹ ó sì mú TRUE. Ti iye NOT GIVEN tí ẹ sọ yẹn, kò sí òfin kankan tó sọ iye tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn dáhùn ìbéèrè.

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin gan-an lẹ mú èyí tó le jù wá, torí ìmọ̀ yín ni wọ́n fi mú yín. Ìbéèrè yẹn ò bi yín léèrè ohun tó jẹ́ òótọ́ láyé. Ẹ tún ìtọ́sọ́nà tó wà lókè ìbéèrè kà: TRUE bí gbólóhùn bá bá ohun tó wà nínú àyọkà mu, FALSE bó bá ta kò ó, NOT GIVEN bí kò bá sí ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Àyọkà, àyọkà, àyọkà. Wọn ò dárúkọ ayé níbẹ̀.

Nǹkan méjì ni mo máa ń ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi ara wọn. Àkọ́kọ́: ká ní gbogbo ohun tí àyọkà sọ jẹ́ òótọ́, ṣé gbólóhùn yìí ṣì lè jẹ́ irọ́? Bí kò bá lè jẹ́ irọ́ mọ́, TRUE ni. Èkejì: ká ní gbogbo ohun tí àyọkà sọ jẹ́ òótọ́, ṣé gbólóhùn yìí ṣì lè jẹ́ òótọ́? Bí kò bá lè jẹ́ òótọ́ mọ́, FALSE ni. Bó bá wá jẹ́ pé ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì tún lè jẹ́ irọ́, tí àyọkà ò ní yẹ̀ lọ́nà méjèèjì, ìyẹn ni NOT GIVEN.

Ẹ fi ti ẹ̀fọn wò ó. Àyọkà ní ẹ̀fọn ń gbé ibà. Tó bá jẹ́ abo nìkan ló ń gbé e, àyọkà ò parọ́. Tó bá jẹ́ akọ àti abo ni, àyọkà ò tíì parọ́ náà. Ohun tí ẹ mọ̀ ní súkúù nọ́ọ̀sì ló ti ọ̀nà kejì pa, àyọkà kọ́.

Ìdí tí NOT GIVEN fi le nìyẹn. TRUE àti FALSE, ẹ lè fi ìka yín sórí gbólóhùn kan nínú àyọkà pé ibí yìí ni. NOT GIVEN ò ní ibi tí ẹ máa fìka sí. Ohun tí kò sí lẹ fẹ́ fi hàn pé kò sí, ojú èèyàn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rí ohun tí kò sí, ọkàn á máa sọ pé bóyá mi ò kà á dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan tó sún mọ́ wa ṣe é. Ẹ ka èyí:

*Ilé Kòkó wà ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Ó ní àjà 26, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105, èyí tó sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn ilé tó ga jù ní Nàìjíríà lásìkò náà. Owó tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn rí lórí irè oko bíi kòkó, rọ́bà àti igi gẹdú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é.*

Àwọn gbólóhùn ìbéèrè nìyí:

1. Ilé Kòkó ti wà kó tó di ọdún 1970.
2. Owó kòkó nìkan ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó.
3. Nínú gbogbo irè oko, kòkó ló mú owó tó pọ̀ jù wá fún kíkọ́ ilé náà.
4. Ilé Kòkó ló ga jù ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n parí rẹ̀.
5. Àwọn àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ lo ilé náà.
6. Iná jó Ilé Kòkó lọ́dún 1985.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kó NOT GIVEN pọ̀ síbẹ̀ o, ẹ má fi iye ẹ̀ ṣe ìwọ̀n. Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀ kí ẹ tó ka ti ẹlòmíì.

Màmá_Ìbejì

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ ò lè fi Ilé Kòkó dán mi wò. 1 TRUE, 2 FALSE, 3 TRUE, 4 TRUE, 5 TRUE, 6 TRUE. Ti 6 yẹn, oṣù January 1985 ni, mo wà láyé, gbogbo ìlú ló rí èéfín. 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tán tí wọ́n ṣí i padà. Ẹ ò sì lè sọ fún mi pé rọ́bà mú owó wọlé ju kòkó lọ, kí ló dé tí wọn ò pè é ní Ilé Rọ́bà?

Ẹ jọ̀ọ́ mo tún ní ìbéèrè. Ti ọmọ mi tó fẹ́ ṣe JAMB ni mo bá wá síbí. Ṣé wọ́n máa ń mú NOT GIVEN yìí wá nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti JAMB náà, kí n lè tètè máa kọ́ ọ?

Akin_Manchester

Mo ní 1 TRUE, 2 FALSE, 3 TRUE, 4 FALSE, 5 NOT GIVEN, 6 NOT GIVEN. Ti 4, FALSE ni torí wọ́n ní "ọ̀kan lára", ìyẹn ni pé kì í ṣe òun ló ga jù. Ti 3, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló wà nínú àyọkà, kòkó wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, irè oko wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

1 TRUE, 2 FALSE, 3 NOT GIVEN, 4 … mi ò mọ̀ o. 5 NOT GIVEN, 6 NOT GIVEN. Ó ti ń yé mi díẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ti 4 yẹn ń dà mí lọ́kàn rú.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Màmá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ti JAMB, ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n máa ń tò síbẹ̀, A dé D, kí ọmọ mú ọ̀kan. NOT GIVEN kì í ṣe ọ̀kan lára wọn, ẹ jẹ́ ó gbájú mọ́ èyí tí àyọkà tì lẹ́yìn jù.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé wọn yẹ̀ wò. Ti 1, kò sẹ́ni tó ṣì í. Kò sí 1970 nínú àyọkà, àmọ́ ilé tí wọ́n parí ní 1965 ò lè má sí kó tó di 1970. Irú èyí ni kí ẹ rántí tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìṣírò ò sí nínú TRUE. Ohun tí àyọkà bá mú dájú, àyọkà ti sọ ọ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Ti 2, FALSE ni, ẹ sì wò ó dáadáa torí ẹ máa fi dá 3 mọ̀. "Nìkan" ló wà níbẹ̀. Àyọkà dárúkọ rọ́bà àti igi gẹdú mọ́ kòkó. Méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan máa ṣubú. Mo lè fìka sórí "rọ́bà àti igi gẹdú" pé ibí yìí ló ta kò ó. Tí àyọkà bá ti dákẹ́ lórí rọ́bà àti igi gẹdú, tó kàn sọ pé wọ́n fi owó kòkó kọ́ ọ, bóyá ni mi ò ní sọ pé NOT GIVEN.

Ti 3 ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí Màmá Ìbejì àti Bọ̀dá Akin mú TRUE, ìdí tí kálukú wọn fi mú un ò sì jọra rárá. Màmá mọ ìtàn ẹkùn wa, wọ́n mọ bí kòkó ṣe mú owó wọlé láyé ìgbà náà, wọ́n tún rí i pé orúkọ kòkó ló wà lára ilé náà. Bọ̀dá Akin ní tiwọn rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ pé. Àmọ́ ẹ ka àyọkà. Ó to nǹkan mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, kò sọ èwo ló pọ̀ jù, kò sọ èwo ló kéré jù. Pé kòkó ló ṣáájú nínú ìtò ò sọ pé òun ló pọ̀ jù. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mi méjèèjì: tó bá jẹ́ kòkó ló pọ̀ jù, àyọkà dúró. Tó bá jẹ́ igi gẹdú ló pọ̀ jù, àyọkà ṣì dúró bákan náà. NOT GIVEN. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí "jù", "ju … lọ", "tó … bíi" nínú gbólóhùn, ẹ wá ibi tí àyọkà ti fi ọ̀kan wé èkejì. Dídárúkọ àwọn méjèèjì ò tó, àfiwé yẹn gan-an lẹ ń wá.

Ti 4, Bọ̀dá Akin, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe bíi tiyín. Ẹni tó sọ pé ilé kan jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ga jù ò tíì sọ pé òun kọ́ ló ga jù. Ẹni tó gba ipò kìíní nínú kíláàsì náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀wé jù. Torí náà tí Ilé Kòkó bá jẹ́ àkọ́kọ́, "ọ̀kan lára" ò yẹ̀. Tó bá jẹ́ ìkejì, "ọ̀kan lára" ò yẹ̀ náà. Ọkàn yín ló ń sọ pé tó bá jẹ́ òun ló ga jù ni, òǹkọ̀wé ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ohun tí òǹkọ̀wé ì bá sọ kọ́ là ń máàkì. NOT GIVEN.

Ti 5, wọ́n fi orúkọ mú èèyàn. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ lorúkọ ẹ̀, àmọ́ àyọkà ò sọ ẹni tó kó wọ ibẹ̀. Ti 6, Màmá, òótọ́ lẹ sọ, iná jó o lóòótọ́, mi ò bá yín jà. Àyọkà yìí parí lórí orúkọ ilé, kò dé ibi iná rárá. Èyí ni mo fi sí i pàtàkì, kí ẹ lè rí i pé òótọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ lè jẹ́ NOT GIVEN.

Màmá_Ìbejì

Ẹ ṣé Tíṣà. Ìyẹn ni pé kí n gbàgbé gbogbo ohun tí mo mọ̀ kí n tó jókòó sídìí ìdánwò? Ìyẹn ò rọrùn fún àgbàlagbà o.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀, Màmá, kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé tí ẹ bá ti fẹ́ mú TRUE, ẹ kọ́kọ́ fi ìka sórí gbólóhùn inú àyọkà tó tì í lẹ́yìn. Tí ìka yín ò bá ríbi gúnlẹ̀ sí, tó jẹ́ pé orí yín ni ẹ ti ń mú ẹ̀rí wá, ẹ ti mọ ẹni tó ń dáhùn nìyẹn.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí látàárọ̀, mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí Tíṣà sọ, àmọ́ mo ní gbólóhùn kan tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi dá. Lórí Ilé Kòkó kan náà: "Apá kan lára owó tí wọ́n fi kọ́ ilé náà jẹ́ owó ẹ̀yáwó." Kí ni ìdáhùn?

Lójú tèmi, FALSE ni. Àyọkà sọ ibi tí owó ti wá: owó tí wọ́n rí lórí irè oko ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ̀yáwó kì í ṣe owó irè oko. Ní kóòtù, tí ìwé àdéhùn bá sọ pé owó irè oko la máa fi san án, ẹni tó bá lọ yá owó wá ti yẹ àdéhùn, kò ní lè sọ pé ìwé ò kọ̀ ọ́.

Akin_Manchester

Rárá o Lọ́yà, NOT GIVEN ni tèmi, mo ti kọ́gbọ́n níbí. Ẹ̀yáwó ò sí nínú àyọkà, àti pé wọ́n lè ti yá owó díẹ̀ kún un kí òǹkọ̀wé má dárúkọ ẹ̀.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Àmọ́ ìdí tí ẹ fi mú FALSE ní 2 ni pé àyọkà to ibi tí owó ti wá. Nígbà tó ti tò ó, kí ló dé tí ẹ wá gbà pé ibòmíì tún lè wà tí kò tò? Ẹ ò lè fi ìtò yẹn lé ọ̀kan jáde kí ẹ tún fi ṣílẹ̀kùn fún òmíì.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú làákàyè, Lọ́yà, ibi tó dùn nìyí. Ti 2, kì í ṣe pé ìtò náà ti ilẹ̀kùn ló jẹ́ kó jẹ́ FALSE. Rọ́bà tó wà nínú ìtò ló lé "nìkan" jáde, ì báà jẹ́ pé ìtò náà pé tàbí kò pé. Òǹkọ̀wé tiẹ̀ sọ pé "bíi kòkó, rọ́bà àti igi gẹdú", ìyẹn ni pé irè oko míì lè wà níbẹ̀. Tí gbólóhùn bá sọ pé wọ́n fi owó ẹ̀pà kún un, NOT GIVEN lójú ẹsẹ̀, mi ò ní janpata.

Ẹ̀yáwó ló yàtọ̀, torí kì í ṣe irè oko. Tèmi ń tẹ̀ síbi NOT GIVEN, torí èèyàn lè sọ pé owó oko ni òun fi kọ́lé kó sì jẹ́ pé ó yá díẹ̀ fi pa òrùlé, tó padà fi owó oko san án. Àmọ́ mi ò lè sọ pé ẹ̀yin ṣì í. Ẹ wò ó, irú gbólóhùn báyìí ò yẹ kó dé inú ìdánwò. Àwọn tó ni IELTS máa ń gbé ìbéèrè wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dán wò kí wọ́n tó lò ó, èyí tó bá ń ya àwọn tó mọ̀wé dáadáa sí méjì, wọ́n máa ń jù ú nù tàbí kí wọ́n tún un kọ. Ibi tí ẹ ti máa rí wọn lọ́pọ̀ ni àwọn ìdánwò ọ̀fẹ́ tí kálukú ń ṣe fúnra ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi odindi ìrọ̀lẹ́ bínú lórí NOT GIVEN kan, tó sì jẹ́ pé ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn ló ṣì í. Tí ẹ bá máa gbára dì, ẹ lo àwọn ìdánwò tí àwọn tó ni ín fúnra wọn gbé jáde.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Mo gbọ́, àmọ́ mi ò tíì gbà. Owó tó wọlé lórí irè oko ló sọ pé wọ́n fi kọ́ ọ, ó ti parí. FALSE ni mo máa kọ.

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

Mo ti rí i báyìí, Tíṣà. Ti ẹ̀fọn yẹn, mo tún àyọkà kà, kò síbi tó ti sọ akọ sọ abo. Mo gbà.

Ìṣòro tó kù ni àsìkò. Wákàtí kan ni fún àyọkà 3 àti ìbéèrè 40, kò sì sí ìṣẹ́jú kankan tí wọ́n fi kún un fún kíkọ ìdáhùn bó ṣe máa ń rí nínú títẹ́tísílẹ̀ ti orí ìwé. Tí mo bá dé ibi NOT GIVEN, mo máa ń ka àyọkà látòkè délẹ̀ kó tó dá mi lójú pé kò sí níbẹ̀, kí n tó mọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti wá a tó?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ìbéèrè tó dáa jù látàárọ̀ nìyí. Ẹ ò ní láti ka àyọkà látòkè délẹ̀. Àwọn gbólóhùn TRUE, FALSE, NOT GIVEN máa ń tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò nínú àyọkà. Ká ní ẹ ti rí ibi tí ìdáhùn 3 wà, ní ìparí ìpínrọ̀ kejì, ẹ wá ń wá 4, ẹ ò rí i. Ẹ fi 4 sílẹ̀, ẹ lọ sórí 5. Ká ní ẹ rí ti 5 láàárín ìpínrọ̀ kẹta. Ó túmọ̀ sí pé tí 4 bá wà níbì kankan, àárín ibi méjèèjì yìí ló máa wà, ìyẹn ò sì ju gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún lọ. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ kà á jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí ibẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí nǹkan náà àmọ́ tí kò sọ ohun tí gbólóhùn ń sọ, ẹ kọ NOT GIVEN kí ẹ máa lọ. Ẹ má padà síbẹ̀ mọ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, NOT GIVEN ò jìnnà sí ohun tí àyọkà ń sọ. Ẹ ó rí ibi tó ti ń sọ nípa nǹkan yẹn gan-an, ilé yẹn, ẹ̀fọn yẹn, ọdún yẹn. Ohun tó máa ṣaláìsí ni ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: àfiwé, ìdí, iye, ẹni tó ṣe é, tàbí bóyá ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe, wọ́n ṣe é lóòótọ́. Torí náà kí ẹ tó lọ wá gbólóhùn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé nínú ohun tó sọ yìí, èwo gan-an ló yẹ kí n rí ẹ̀rí ẹ̀? Nínú ti ẹ̀fọn, "abo nìkan" ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn lọ kà, ẹ ò sì ní pẹ́ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ ti ṣe é, ẹ lè fàmì sí ìbéèrè tí kò tíì dá yín lójú kí ẹ lè padà síbẹ̀, ẹ sì lè fi àwọ̀ kun ibi tí ẹ rí ìdáhùn nínú àyọkà. Ẹ máa kùn ún, torí ìyẹn ló máa fi àárín tí mo sọ yẹn hàn yín. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀ rárá, ẹ mú ọ̀kan, wọn kì í yọ máàkì torí pé èèyàn ṣì í.

Akin_Manchester

Tíṣà, òmíì wà tó jẹ́ YES, NO, NOT GIVEN. Ṣé bákan náà ni?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ìbéèrè méjèèjì tí mo ní kí ẹ máa bi ara yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà. Àmọ́ ìyẹn, èrò òǹkọ̀wé ni wọ́n ń bèèrè níbẹ̀, kì í ṣe ìsọfúnni lásán. Ohun tó ń mú wọn níbẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé lè sọ èrò ẹlòmíì, "àwọn kan ní kí wọ́n wó ilé náà", kó má sì sọ tiẹ̀. Tí gbólóhùn bá ní òǹkọ̀wé fẹ́ kí wọ́n wó o, tí ẹ ò bá ríbi tó ti gbè sẹ́yìn àwọn yẹn tàbí tó ti kọ̀ fún wọn, NOT GIVEN ni. Ẹ sì kọ YES níbi tí wọ́n bá ti ní YES, TRUE níbi tí wọ́n bá ti ní TRUE, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ń lọ ṣe àyọkà míì ní alẹ́ yìí, màá máa fi àwọ̀ kun àárín ìbéèrè méjì bí ẹ ṣe sọ. Èyí tí mi ò bá rí, màá gbé e wá síbí lọ́la.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ẹ gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá ní ìwé ìdánwò tí àwọn tó ni ín fúnra wọn gbé jáde, kó bá mi wò ó bóyá gbólóhùn tó jọ ti ẹ̀yáwó wà níbẹ̀. Mo ṣì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n mú.